Oòrùn ọ̀sán Kubwa sọ ìyá kan di mẹ́rin

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. A ya fíìmù kékeré kan ní àgbàlá ilé kan àti ojú ọ̀nà iwájú rẹ̀ ní Kubwa, Àbújá, láti aago 11 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán. Kámẹ́rà méjì la lò. Mo fi LUT kan náà, fáìlì tó ń yí àwọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, sí gbogbo rẹ̀ nínú DaVinci Resolve tí mo fi ń tún àwọ̀ ṣe, síbẹ̀ ìran kan pọ́n, èyí tó tẹ̀ lé e tutù, èyí tó wà lábẹ́ igi sì dà bíi pé wọ́n fi ewé pa ojú ìyá tó ń ṣeré. Mo fi àwòrán mẹ́rin ránṣẹ́ sí yín. Báwo ni mo ṣe lè mú kí gbogbo rẹ̀ jọ ohun tí a yà lọ́jọ́ kan ṣoṣo?

Ìdáhùn: Àbúrò, kọ́kọ́ yọ LUT yẹn kúrò ná. Kò burú, àsìkò rẹ̀ ni kò tíì tó. Bí o bá ki aṣọ funfun kan àti aṣọ kan tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ bọ ìkòkò aró kan náà, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò gbé jáde, aláró kò sì jẹ̀bi. Àwọn ìran rẹ ti yàtọ̀ síra wọn kí LUT tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ńṣe ló kàn túbọ̀ gbé ìyàtọ̀ náà síta.

Oòrùn gan-an kọ́ ló dá ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀. Oòrùn kan náà ló pa gbogbo yín lọ́jọ́ náà, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín aago 11 sí aago 2. Ìmọ́lẹ̀ kejì ni kó o wò, èyí tó ń yọ́ wọ inú òjìji. Ní gbangba, ojú ọ̀run ló ń tànmọ́lẹ̀ sínú òjìji, búlúù sì ni ojú ọ̀run, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí oòrùn kò bà fi ń tutù. Nínú àgbàlá tí wọn kò da sìmẹ́ńtì sí, ilẹ̀ pupa Kubwa yẹn ń gba oòrùn, ó sì ń dá a padà sókè, ó ń fi osùn kun abẹ́ àgbọ̀n àti abẹ́ imú. Lábẹ́ dóńgóyárò, àárín ewé ni ìmọ́lẹ̀ gbà kó tó dé ojú ìyá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri funfun, ògiri fúnra rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rìfílẹ́kítọ̀ láìgba owó.

Ṣe ìdánwò kan pẹ̀lú àwòrán mẹ́rin tó o fi ránṣẹ́. Fi ìka bo ojú ìyá láti imú wá sí ìsàlẹ̀, kó o wo iwájú orí nìkan. Nínú èyí tó wà lábẹ́ igi, wo àwọn ibi kéékèèké tí oòrùn ti yọ láàárín ewé bà á lórí. Àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Wá ṣí ìka kúrò, kó o wo abẹ́ àgbọ̀n: ìyá mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi ń yí Temp, ìyẹn ìgbóná àti ìtutù àwọ̀, síwá sẹ́yìn tí kò gbà, nítorí Temp ń ti apá tí oòrùn bà àti apá òjìji lọ pa pọ̀. Bí o bá tún ti òjìji ṣe, iwájú orí á bàjẹ́. Bí o bá tún iwájú orí ṣe, òjìji á padà síbi tó wà. Iṣẹ́ méjì ni, ìka méjì ló sì yẹ kó o fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máa sọ èdè kan. Ohun tí mo rí nínú àwòrán rẹ ni pé kámẹ́rà àkọ́kọ́ ya S-Log3, àwòrán ràkọ̀ràkọ̀ tí a ṣì ní láti ṣe kó tó dára wò, èkejì sì ya àwòrán lásán tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ti ṣe tán. Kó gbogbo ohun tí kámẹ́rà kìíní yà sínú gúrúùpù kan pẹ̀lú Add Into a New Group, kó ti èkejì sínú gúrúùpù tirẹ̀. Ní Group Pre-Clip ti àkọ́kọ́, fi Color Space Transform kan, èyí tó ń túmọ̀ àwọ̀ láti èdè kan sí òmíràn, sí i: Input Color Space jẹ́ S-Gamut3.Cine, Input Gamma jẹ́ S-Log3, Output Color Space jẹ́ DaVinci Wide Gamut, Output Gamma jẹ́ DaVinci Intermediate. Ti gúrúùpù kejì, Rec.709 àti Gamma 2.4 ni yóò wọlé, ibi kan náà ni yóò já sí. Fi Tone Mapping Method sí None nínú méjèèjì. Ní ìpele Timeline, fi Color Space Transform kan ṣoṣo sí i tó ń gbé gbogbo rẹ̀ padà sí Rec.709, Gamma 2.4, kí ojú lè rí i bó ṣe yẹ. Ní èyí tó gbẹ̀yìn yìí, jẹ́ kí Tone Mapping Method wà ní DaVinci.

Ìdí tí mo fi ní kó o fi ti ìparí sí Timeline ni pé fídíò kan kò lè wà nínú gúrúùpù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dá gúrúùpù sílẹ̀ fún kámẹ́rà, tí wọ́n á tún fẹ́ dá òmíràn sílẹ̀ fún ìrísí fíìmù, ibẹ̀ ni wọ́n á há sí. Gúrúùpù ni ti kámẹ́rà, Timeline ni ti ìrísí. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé àkọlé àti orúkọ àwọn òṣèré tó o kọ sórí Timeline á jẹ nínú rẹ̀, lẹ́tà funfun á wá ṣe bí ẹni tó ti dọ̀tí. Bí ìyẹn bá ń bí ọ nínú, fi iṣẹ́ náà sórí Adjustment Clip dípò rẹ̀, kó o sì to àkọlé sórí ìlà tó wà lókè rẹ̀.

Ó wá kan ìran tí o fẹ́ kí àwọn tó kù tẹ̀ lé. Wàá fẹ́ mú èyí tó rẹwà jù. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Mú èyí tó le jù, tí kò ní ọ̀nà àtilọ. Nínú tìrẹ, ìran iwájú ògiri funfun tí kámẹ́rà kejì yà ni. Ògiri yẹn ti jóná. Wo Waveform, àwòrán tó ń fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ hàn, wàá rí i pé òkè rẹ̀ rí pẹrẹsẹ bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Bí o bá fà á wá sílẹ̀, ìlà náà á sọ̀kalẹ̀ ní pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀ náà, kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ tó máa yọjú, àwọ̀ eérú ló kàn máa dà. Ìran tó ya S-Log3 lè rìn wá bá a. Òun kò lè rìn lọ bá ẹnikẹ́ni. Torí náà, òun ni ọ̀gá. Ṣe é débi tó bá lè dé, tẹ Grab Still, kó o máa fi Ctrl+W gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìran kọ̀ọ̀kan tó o bá ń ṣe.

Má tíì fọwọ́ kan àwọ̀. Ní ìpele Timeline, fi nóòdù kan, ìyẹn ìpele àtúnṣe kan, sí ìparí, kó o dá Saturation rẹ̀ sí 0, kí gbogbo fíìmù di dúdú-òun-funfun. Ojú wa máa ń fi àwọ̀ tan ara rẹ̀ jẹ. Ìran tí o rò pé ó pọ́n jù, nígbà míì ńṣe ló kàn ṣókùnkùn jù. Bí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ bá dọ́gba láìsí àwọ̀, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Mo gbé àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ sórí Waveform lọ́dọ̀ mi, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 1023. Níwájú ògiri, apá tí oòrùn bà lójú ìyá wà ní nǹkan bí 470, apá òjìji wà ní 260. Lórí ilẹ̀ pupa, 520 àti 170. Ní ojú ọ̀nà tí wọ́n da ọ̀dà sí, 480 àti 120, ìyẹn ni pé ihò ojú ìyá ti di kànga, nítorí ọ̀dà dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ìmọ́lẹ̀ padà. Lábẹ́ igi, ojú rẹ̀ lápapọ̀ wà ní 240, àmọ́ àwọn ibi tí oòrùn yọ sí ti lé ní 600. Wàá rí i pé, yàtọ̀ sí ti abẹ́ igi, apá oòrùn kò jìnnà síra wọn. Àlàfo tó wà láàárín oòrùn àti òjìji ló ń tú àṣírí.

Ibi tí mo máa fojú sùn fún ìran mẹ́ta àkọ́kọ́ ni 470 fún oòrùn, 230 fún òjìji. Ti ilẹ̀ pupa, fi Offset mú gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ títí iwájú orí á fi dé 470. Òjìji á bá a sọ̀kalẹ̀, kò burú. Lẹ́yìn náà, dín Contrast kù díẹ̀díẹ̀ títí òjìji á fi sún mọ́ 230, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbé Pivot, ibi tí Contrast ti ń yí, sí 0.336, nítorí ibẹ̀ ni àárín ìmọ́lẹ̀ wà nínú DaVinci Intermediate. Bí o bá fi Pivot sílẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, gbogbo ojú á máa gòkè sọ̀kalẹ̀ bí o ṣe ń yí Contrast, ìwọ á rò pé Offset rẹ ni kò dára. Ti ojú ọ̀nà, Contrast nìkan kò ní tó. Lọ sí Log Wheels, gbé Shadow sókè, kó o sì dín Low Range kù, kó má bàa gbé ohun tó kọjá òjìji. Dúró kí òjìji tó dé 230. Mo máa ń dúró ní 190, nítorí ojú ẹni tó ń wo fíìmù ti rí ọ̀dà dúdú nínú àwòrán, kò retí kí ojú ìyá máa dán níbẹ̀. Ohun kan tún wà: bí o bá sún mọ́ ihò ojú rẹ̀ tí o rí àwọn àmì àwọ̀ kéékèèké tó ń jó, o ti kọjá ààlà. Padà sẹ́yìn.

Ti abẹ́ igi yàtọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń ba tirẹ̀ jẹ́ níbẹ̀. Má gbé ojú rẹ̀ dé 470. Ẹni tó wà lábẹ́ ibòòji gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn ju ẹni tó wà nínú oòrùn lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sí ìdí tó fi sá sábẹ́ igi. Gbé e dé nǹkan bí 330, kó o wá fi Highlight nínú Log Wheels fa àwọn ibi tí oòrùn yọ sí wálẹ̀, kí wọ́n má bàa dà bí ẹ̀tẹ̀ lórí ojú ìyá. Wọn kò ní parẹ́, kò sì yẹ kí wọ́n parẹ́.

Nísinsìnyí, pa nóòdù tó sọ ọ́ di dúdú-òun-funfun. Wàá rí i pé ìjà àwọ̀ ti dín kù gan-an láìjẹ́ pé o fọwọ́ kan án. Èyí tó ṣẹ́ kù, inú òjìji ló wà. Ṣí Vectorscope, èyí tó ń fi ibi tí àwọ̀ kọjú sí hàn, kó o mú Show Skin Tone Indicator wá. Ìlà kan á yọ láàárín yẹ́lò àti pupa. Awọ ara ènìyàn, dúdú tàbí pupa, máa ń sún mọ́ ìlà yẹn. Ti dúdú kàn ń wà nítòsí àárín ni. Fi Power Window, ìlà tó ń ya apá kan àwòrán sọ́tọ̀, yí ojú ìyá ká, kó o tẹ bọ́tìnì Highlight tó wà lókè àwòrán kí o lè rí i lóun nìkan. Apá oòrùn rẹ̀ á jókòó sórí ìlà, apá òjìji á ya kúrò, ìran kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó yà sí. Nínú Log Wheels, ti àwọ̀ Shadow sí òdìkejì ibi tó yà sí: fún ilẹ̀ pupa, kúrò lọ́nà pupa díẹ̀; fún ojú ọ̀nà, lọ́nà ìgbóná díẹ̀; fún abẹ́ igi, kúrò nínú àwọ̀ ewé lọ sí ọ̀nà máǹjẹ́ńtà. Ti abẹ́ igi nìkan ni mo máa ń fi Tint kún, nítorí ibẹ̀ ni ewé ti kun gbogbo ojú, kì í ṣe òjìji nìkan.

Má mú un kúrò tán. Mo máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá pupa nínú àwòrán, tí abẹ́ àgbọ̀n ìyá sì mọ́ bí ẹni tó wà nínú sitúdíò, ojú á mọ̀ pé nǹkan kan ń parọ́, kódà bí ẹni náà kò bá lè sọ ohun tó jẹ́.

Ìdẹkùn kan wà ní apá ibí wa yìí tí àwọn tó ń kọ́ni ní ìlú òyìnbó kì í sábà sọ. Ilẹ̀ pupa wa àti awọ ara wa, ibì kan náà ni wọ́n jókòó sí lórí Vectorscope. Bí o bá rò pé ilẹ̀ pọ́n jù, tí o lọ fi Hue vs Sat dín in kù, wàá rí i pé ìyá náà ti di eérú pẹ̀lú rẹ̀. Bí o bá ní kí ilẹ̀ dán sí i, ojú rẹ̀ á di ọsàn. Mo ti ṣe é rí. Oníbàárà béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ara ìyàwó òun kò yá lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀, fi Power Window yọ ojú sọ́tọ̀, kó o sì tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú Tracker, tàbí kó o fi ilẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Àwọ̀ ewé nìkan ni mo máa ń fi Hue vs Sat dín kù láìbẹ̀rù, nítorí ewé dóńgóyárò lábẹ́ oòrùn ọ̀sán máa ń han gooro, kò sì sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ó ku ohun tó jóná. Iwájú orí ìyá níwájú ògiri ní ibì kan tó di yẹ́lò, tí kò sì jọ òógùn. Wo Parade, Waveform tó ya pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù sọ́tọ̀: pupa ti kan òkè, ó sì ti di pẹrẹsẹ, àmọ́ àwọ̀ ewé ṣì ń gòkè lọ. Nígbà tí pupa kò lè gòkè mọ́ tí àwọ̀ ewé ṣì ń lọ, yẹ́lò ni wọ́n á jọ bí. Kò sí bí o ṣe lè dá pupa tó ti sọnù padà. Ohun tó o lè ṣe ni pé kó o lọ sí Lum vs Sat, kó o fa òkè pátápátá wálẹ̀, kí ibi náà pàdánù àwọ̀, kó di dídán lásán bí òógùn tó mú oòrùn. Òógùn ni àwọn èèyàn máa rò pé ó jẹ́. Àwọn dídán tó wà lójú ìyá lóòótọ́, fi wọ́n sílẹ̀. Awọ dúdú nínú oòrùn máa ń dán, ibẹ̀ ló ti ń rí ìrísí rẹ̀. Bí o bá pa á, ojú á di pákó.

Ògiri funfun náà, fi sílẹ̀ kó funfun. Ṣùgbọ́n wo bùbá funfun tí ìyá wọ̀ nínú ìran ilẹ̀ pupa: ó wà ní nǹkan bí 800, ògiri sì wà ní 1000. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan ń sọ fún èèyàn pé kámẹ́rà méjì ni. Mú wọ́n sún mọ́ra. Fa ògiri wá sí 940, kì í ṣe kí ohunkóhun lè yọ nínú rẹ̀, kí ó má bàa máa gún ojú ni. Gbé òkè ìran ilẹ̀ pupa sókè pẹ̀lú Highlight inú Log Wheels títí bùbá á fi dé 900. Funfun méjèèjì á wá jọ pé oòrùn kan ló pa wọ́n.

Ìgbà yìí ni LUT rẹ lè wá. Fi sí ìpele Timeline, fún gbogbo fíìmù lẹ́ẹ̀kan, kó o má sì tún fi sí ìran kankan níkọ̀ọ̀kan. Rí i dájú pé ibi tó yẹ ló wà: bó bá jẹ́ pé fún Rec.709 ni wọ́n ṣe é, lẹ́yìn Color Space Transform ìparí ni. Bó bá le jù, lọ sí Key Output, kó o fi Gain rẹ̀ sí 0.5. Tèmi ni pé o kò tilẹ̀ ní nílò rẹ̀ mọ́, àmọ́ fíìmù rẹ ni.

Ohun kan kò sí lọ́wọ́ gíréédì, ìyẹn iṣẹ́ àtúnṣe àwọ̀, rárá, ìyẹn ni ibi tí òjìji wọn dojú kọ. Àbújá kò jìnnà sí ìlà ìdajì ayé, ní nǹkan bí àárín oṣù kẹrin àti òpin oṣù kẹjọ, oòrùn máa ń dúró sórí àtàrí gangan. Aago 12 sì kọ́ ni ọ̀sán gangan níbí, ó máa ń sún mọ́ aago 12:30, nítorí ibi tí a wà lórí ilẹ̀ ayé àti aago tí Nàìjíríà ń lò kò bára mu pérépéré. Ohun tí ẹ yà ní aago 11 ní òjìji tó na ọwọ́ sí ìwọ̀ oòrùn, èyí tí ẹ yà ní aago 2 na ọwọ́ sí ìlà oòrùn. Bí o bá gbé méjèèjì pàdé ara wọn láìsí ohun kankan láàárín, kò sí àwọ̀ tó máa bo ìyẹn. Nínú àwòrán rẹ, ìran ilẹ̀ pupa àti ìran ògiri ló ní ìṣòro yìí. Gé ìran ojú ìyá nìkan, tàbí ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà, sí àárín wọn.

Kó o tó bẹ̀rẹ̀, wo kọ̀ǹpútà tó o fi ń ṣe é. Lọ́dún kan, mo ṣe ìdajì fíìmù kan kí iná tó lọ, mo sì fi bátìrì ṣe ìdajì tó kù. Èmi kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ti dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ nígbà tí iná lọ. Mo ń gbé gbogbo ìran sókè, mo ń bínú sí ẹni tó ya á. Nígbà tí iná dé, ìdajì kejì funfun bí ẹ̀kọ. Waveform ti ń sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni kò wò ó. Pa ìdínkù ìmọ́lẹ̀ yẹn nínú kọ̀ǹpútà rẹ, fa kọ́tìnì, kí oòrùn ọ̀sán má bàa wà lójú fèrèsé nígbà tí o bá ń ṣe fíìmù tó ní oòrùn ọ̀sán nínú.

Bí o bá ṣe ìran mẹ́rin yìí tán, to wọ́n sí Lightbox, dìde, lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, kó o wò wọ́n láti ibẹ̀. Èyí tí ojú rẹ bá kọ́kọ́ lọ sí ni kò tíì jọ àwọn yòókù. Fi tuntun ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àwòrán Waveform ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.